Ó ń dì í mọ́ra ni: ìdáhùn fún bàbá tí ọmọ rẹ̀ kì í rí ìgbẹ́ yà

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 4 lóṣù tó kọjá, ó sì wọn kílò 16. Ó ti tó oṣù 7 báyìí tí kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Ó lè lo ọjọ́ 4 tàbí 5 kó tó yà, ohun tó bá sì jáde máa ń le, ó máa ń tóbi ju ti àgbàlagbà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti rí ẹ̀jẹ̀ pupa lára rẹ̀. Ó máa ń sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa tiraka títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, síbẹ̀ nǹkan kan kì í jáde. Láti bí oṣù 2, ìgbẹ́ olómi tún ń yí i ní pátá, bíi ti ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n fún wa ní oògùn ìyàgbẹ́ kan tó ń jẹ́ lákítúlóòsì nígbà kan, a lò ó fún ọjọ́ 6, ó yà, a bá dá a dúró. Ṣé jẹ̀dí ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe àmì nǹkan tó burú? Tí a bá sì ń fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ lójoojúmọ́, ṣé ìfun rẹ̀ kò ní di ọ̀lẹ?”

Bàbá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà míì tó bá sá lọ síbẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́ máa ń lóṣòó ni, orúnkún rẹ̀ á ká, ìdí rẹ̀ á là. Ọmọ tí mo ń fojú inú wò nínú lẹ́tà yín kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Á nàró gbọnrangandan, á dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, á fi itan kan há èkejì, á di àga tàbí ògiri mú, á sì fún ìdí rẹ̀ pọ̀. Ojú rẹ̀ á pọ́n lóòótọ́, òógùn lè bò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó fẹ́ kó jáde. Ó ń dì í mọ́ra ni, kó má baà jáde. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ìgbẹ́ tó ń gbọ̀n ọ́n á rọlẹ̀, ìfun á padà dákẹ́, ọmọ á sì jáde wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á máa ṣeré lọ bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ti borí ti òní nìyẹn.

Ohun tó ń mú ọmọdé ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju ìrora lọ. Lọ́jọ́ kan, bóyá lẹ́yìn ibà tí kò jẹ́ kó mumi tó, bóyá lásìkò tí ẹ ń kọ́ ọ láti kúrò nínú ìlédìí, ìgbẹ́ kan le, ó sì dùn ún bó ṣe ń jáde. Àgbàlagbà á gbà pé ti ọjọ́ yẹn ti lọ. Ọmọ kékeré kì í ro ó bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan yẹn máa ń dunni, kò sì ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Bó bá sì ti ń dì í, ìfun ńlá kò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀: omi ni ó ń fà kúrò nínú ìgbẹ́, bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ni ó ń gbẹ sí i. Nígbà tó bá tó ọjọ́ 4 tàbí 5, ohun tó wà níbẹ̀ ti di kókó líle tó tóbi, á sì dun ọmọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún wá ní ẹ̀rí sí i pé ẹ̀rù tó ń bà á tọ́. Nínú àwọn ọmọ tó ti kọjá ọdún 1 tí mo ń tọ́jú fún àìrígbẹ́yà, èyí ni mo ń rí jù lọ, kì í ṣe àìsàn ìfun kan tó farapamọ́.

Apá tó ń kó ìdààmú bá àwọn òbí ni ti pátá tó ń yí. Ẹ fojú inú wo òkúta tó dí ẹnu ihò, omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ rírọ̀ tó wà lókè ṣe ń ṣẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kókó líle yẹn jáde. Kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru, bí ẹ bá sì lọ fún un ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, ẹ ń fi kún ohun tó dí i ni. Ọmọ náà kì í sì í mọ̀ ìgbà tó ń jáde. Ibi tí ìgbẹ́ ń dúró sí ní òpin ìfun ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bíi rọ́bà ìbàdí pátá tí a ti nà pẹ́ títí tí kò wá dì mọ́ ara mọ́. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà ní ìwọ̀n rẹ̀, ìgbẹ́ díẹ̀ tó bá dé ibẹ̀ máa ń ta á jí pé ó tó àkókò. Ní báyìí, ó di ìgbà tó bá pọ̀ gan-an kó tó mọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti rí ọmọ tí wọ́n nà lórí pátá tó yí, tó sì ń sunkún pé òun kò mọ̀. Òótọ́ ló ń sọ. Tí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ti ń bá tiyín wí lórí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ó parí lónìí, torí ìbẹ̀rù ló bí àìsàn yìí, ìbẹ̀rù míì kò lè wò ó sàn.

Ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Nígbà tí kókó ìgbẹ́ tó tóbi bá gba ihò ìdí kékeré kọjá, awọ etí rẹ̀ lè sán, bí ètè tó gbẹ ṣe ń sán. Ẹ̀jẹ̀ irú ojú ọgbẹ́ yẹn máa ń pupa fòò, á wà lára ìgbẹ́ bí ìlà, tàbí kí ẹ rí i lórí tíṣù lẹ́yìn tí ẹ nù ún tán. Kì í pọ̀ mọ́ inú ìgbẹ́, kì í sì í pọ̀. Ẹ lè wò ó fúnra yín: kí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀yin fi í dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, kí orúnkún rẹ̀ ká sí àyà, kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ rọra ya ìdí sí méjì. Ojú tó sán yẹn sábà máa ń wà ní àárín gbùngbùn, lọ́wọ́ ẹ̀yìn tàbí lọ́wọ́ iwájú, ó tín-ín-rín, kò gùn. Bó bá ti pẹ́, awọ kékeré kan lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí tí wọ́n ń pè ní jẹ̀dí. Jẹ̀dí tòótọ́, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ìdí, ṣọ̀wọ́n lára ọmọ ọdún 4, débi pé tí mo bá rí i lóòótọ́, màá wá ìdí míì tó fà á. Nítorí náà, ẹ má ra oògùn jẹ̀dí fún un.

Bí ìgbẹ́ bá ti ń rọ̀ lójoojúmọ́, ojú ọgbẹ́ yẹn á san fúnra rẹ̀, nígbà míì láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà míì ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ lè máa fi fasilíìnì díẹ̀ pa á lára, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú bíi 10. Ara á tù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìpara tọ́jú ojú tó sán, tí ìgbẹ́ líle sì tún ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ karùn-ún-karùn-ún, kò ní rí ibi tí yóò parí sí.

Mi ò tíì fojú rí ọmọ yìí o, lẹ́tà kò sì lè fọwọ́ kan ikùn. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn fún mi, ìdáhùn mi á yí padà. Èkíní ni ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ tuntun tí kò ṣe àìsàn máa ń yà ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí 48. Bí tirẹ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìṣòro yìí ti wà láti oṣù àkọ́kọ́ tó dé ayé, a gbọ́dọ̀ wádìí bóyá apá kan ìfun rẹ̀ kò ní àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń mú ìfun ṣiṣẹ́. Tiyín bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti lé ní ọdún 3, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè. Èkejì ni ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, tí ìrìn rẹ̀ yí padà, tó ti mọ bí a ṣe ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń tọ̀ sára, tàbí tí irun tàbí ihò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Bákan náà ni bí kò bá sanra bó ṣe yẹ, tí ibà sì ń mú un léraléra. Bí ikùn rẹ̀ bá wú gbandi tó sì ń bì, pàápàá tí èébì rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, ẹ má dúró de ìwé mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó máa mú mi fura ni ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde tí kò sì dùn ún rárá, nígbà tí ìgbẹ́ rọ̀. Nínú ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀, ohun tó sábà ń fa irú rẹ̀ ni kókó ẹran kékeré tó hù sínú ìfun. Kì í sábà ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀, tó dúdú tàbí tó pọ́n bí ẹ̀dọ̀, tàbí tí ikun bò bí ọ̀dà, jẹ́ ti pàjáwìrì. Bí awọ yíká ihò ìdí bá sì pọ́n yòò, tí ààlà rẹ̀ hàn kedere, tó ń dùn ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kòkòrò àrùn lè wà nínú awọ náà, èyí tó nílò oògùn tirẹ̀. Ìyẹn tún lè jẹ́ ohun tó kọ́kọ́ mú un bẹ̀rẹ̀ sí dì í.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé kò sí ìkankan nínú wọn. Ibi tí ẹ ti ṣìnà nígbà tí ẹ lo lákítúlóòsì kì í ṣe oògùn náà, ọjọ́ 6 yẹn ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ka ìgbẹ́ kan tó jáde sí ìwòsàn. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò sì jọ ara wọn. Àkọ́kọ́ ni kí a kó ohun tó ti dí jáde. Ìkejì, tó gùn, ni kí a jẹ́ kí ìgbẹ́ máa rọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ibi tó fẹ̀ yẹn á fi padà sí ìwọ̀n rẹ̀, tí ọmọ á sì gbàgbé pé ìgbẹ́ ń dunni.

Oògùn tí mo fẹ́ràn fún méjèèjì ni makirogóòlù, ìyẹ̀fun kan tí a ń pò mọ́ omi. Ìyẹ̀fun yìí kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ bí kò ṣe díẹ̀ bíńtín. Ohun tó ń ṣe ni pé ó di omi mú sínú ìgbẹ́, kí ìfun má baà fà á tán. Fún kíkó jáde, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1 sí 1.5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 3 sí 6. Fún ọmọ kílò 16, gíráàmù 16 sí 24 lójúmọ́ nìyẹn, tí ẹ lè pín sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ má dín in kù, torí omi yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò ní jáde nílé. Inú lè máa lọ́ ọ, pátá á sì yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ibí yìí ni àwọn òbí ti máa ń bẹ̀rù tí wọ́n á dá a dúró, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tán nígbà tí èyí tó ń jáde bá di olómi tí kókó líle kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Bó bá di ọjọ́ kẹfà tí nǹkan kò yí padà, ẹ má fi kún un fúnra yín, ẹ pè mí.

Lọ́jọ́ kejì tó bá ti tán, ẹ bọ́ sí ìwọ̀n ojoojúmọ́: bíi gíráàmù 0.4 fún kílò kan, ìyẹn gíráàmù 6 àti díẹ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣófo láàárín méjèèjì. Bí ìgbẹ́ bá ń ṣàn jù, a ó dín in kù díẹ̀; bó bá tún fẹ́ máa le, a ó fi díẹ̀ kún un. Àmì tí mo ń wò kì í ṣe iye ọjọ́ tó fi yà nìkan. Mo fẹ́ kó rọ̀ débi pé bí ó tiẹ̀ gbìyànjú láti dì í, kò ní lè dì í pẹ́. Lákítúlóòsì náà dára bí ẹ kò bá rí makirogóòlù, kìkì pé ó máa ń mú inú kún fún afẹ́fẹ́, agbára rẹ̀ láti kó èyí tó ti dí jáde kò sì tó ti makirogóòlù.

Ní ti ìfun tó ń di ọ̀lẹ, ìbẹ̀rù yẹn wọ́pọ̀, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ jìyà ju bó ṣe yẹ lọ. Makirogóòlù kì í ta ìfun ní kẹ́sẹ́, omi ló ń bá a fi pamọ́ sínú ìgbẹ́, ìfun ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sọ òpin ìfun di aláìlágbára ni kókó ìgbẹ́ tó ń fẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Oògùn tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn ló ń fún un láyè láti sinmi.

Mo rántí ọmọkùnrin ọdún 5 kan tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: “L” fún líle, “R” fún rírọ̀, àmì pupa fún ẹ̀jẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo rẹ̀ di “R”, kò sí pupa kankan, ni wọ́n bá dá oògùn dúró, inú wọn dùn. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, “L” àkọ́kọ́ dé. Kó tó pé oṣù kan, pupa ti padà, ọmọ sì ti padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kejì, a lo oògùn fún oṣù 8, a wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 2. Kàlẹ́ńdà yẹn ló kọ́ àwọn òbí náà ní ohun tí ẹnu mi kò lè kọ́ wọn. Òfin tí mo ń tẹ̀lé ni pé oògùn kò gbọ́dọ̀ dín ní oṣù 2, gbogbo àmì sì gbọ́dọ̀ ti lọ fún oṣù 1 ó kéré tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí dín in kù. Fún ẹni tó ti ń bá a yí fún oṣù 7, ẹ fi ọkàn sí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sì ní tàn yín: nínú àwọn ọmọ tí tiwọn le débi tí wọ́n fi rán wọn lọ sọ́dọ̀ amòye, bí ìdajì ló ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn láàárín oṣù 6 sí 12. Àwọn yòókù ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ fi omi àti èso kún oúnjẹ rẹ̀, á parí. Ó yẹ kó mu omi tó, kó sì jẹ èso bíi ti ọmọ yòókù, ṣùgbọ́n àfikún lórí ìyẹn kì í wo irú èyí sàn, bí ẹ bá sì ń rọ́ oúnjẹ oníhòrò lé e lórí nígbà tí ibẹ̀ ṣì dí, ikùn rẹ̀ á kàn máa wú ni. Fífa oògùn sí ìdí lè kó ìgbẹ́ jáde lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí makirogóòlù ṣe lè kó o jáde. Ìdí tí mi ò fi ń sáré sí i ni pé ìdí gan-an ni ibi tí ọmọ yìí ń bẹ̀rù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ti ẹnu bá kọ̀, kí ó sì jẹ́ ọwọ́ ilé ìwòsàn. Omi ọṣẹ ní tirẹ̀, ẹ má fà á sí i rárá, ó máa ń bó inú ìfun.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìfun máa ń jí fúnra rẹ̀. Ẹ lo àkókò yẹn. Ẹ gbé e jókòó sórí póò fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ nǹkan, kí orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ díẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù fìrìfìrì lórí àga ìgbọ̀nsẹ̀ àgbàlagbà kò lè dẹ ìdí rẹ̀. Ẹ yìn ín pé ó jókòó, ì báà yà, ì báà má yà. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bó bá ń sunkún sí i. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ kọ́kọ́ rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ìbẹ̀rù rẹ̀ dín kù.

Ẹ mú un wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n kíkó jáde, torí mo fẹ́ fọwọ́ kan apá òsì ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, níbi tí kókó ìgbẹ́ ti sábà ń wà, kí n wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kí n sì fojú wo etí ihò ìdí. Mi ò ní ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún un kí ẹ tó kúrò nílé, pé dókítà kàn fẹ́ wò ó ni, ìyá rẹ̀ á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ bá mi kọ ọjọ́ tó yà láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, bó ṣe le tó, àti ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ sì mú ìgò lákítúlóòsì yẹn dání, kí n lè rí iye tí wọ́n ní kí ẹ máa fún un.